Ìlà mẹ́ta tó yẹ ká tún kà nínú ìkéde iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tí à ń ti ilé ṣe

Ìkéde iṣẹ́ orí ayélujára kì í sábà gùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń fara pamọ́ sínú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ, tó jọ èyí tí à ń rí káàkiri, ká sì tú u wò díẹ̀díẹ̀:

> A ń wá ẹni tí yóò máa dáhùn ímeèlì àwọn oníbàárà wa. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ni, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, láti ibikíbi. Ẹ gbọ́dọ̀ bá wa jọ wà lórí iṣẹ́ fún wákàtí 4 lójúmọ́ láàárín 9–5 ET, Ajé sí Ẹtì. Irinṣẹ́: Slack, Zendesk, Hubstaff. Owó: dọ́là 12 fún wákàtí kan, ínfọ́ìsì lóṣooṣù, Net 30, sínú àkáǹtì báńkì.

Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ síbi dọ́là 12. Wọ́n á fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á rí 240 dọ́là lọ́sẹ̀, ó tán. Ní tèmi, owó wákàtí yẹn ni ohun tí mo máa ń wò kẹ́yìn, nítorí ìlà aago, ìlà irinṣẹ́ àti ìlà ọ̀nà ìsanwó ni yóò sọ iye tí dọ́là 12 náà máa jẹ́ bó bá dé ọwọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aago, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ìkéde ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì kà sílẹ̀, èyí tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin náà ni wọ́n sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ jọ wà lórí iṣẹ́. A jẹ́ pé kò sí ìṣẹ́jú kan nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ lè ṣe nígbà tó bá wù yín. Ibi tó bá wù yín lẹ lè jókòó sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò kì í ṣe tiyín. Ká ní wákàtí 2 ni wọ́n kọ dípò 4, wákàtí mẹ́wàá nínú ogún ni ẹ óò máa pín bó ṣe wù yín, ẹ lè ṣe é ní òwúrọ̀ kùtù tàbí lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iye wákàtí ìjọwà, ẹ fi iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀ wákàtí ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni òmìnira yín, òdo ló sì ṣẹ́kù nínú ìkéde tiwa yìí.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó wá yí aago padà. ET ni aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, èyí tí New York ń lò. UTC ni aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, òun la máa ń bá ṣe ìṣirò kí ó má baà dàrú mọ́ wa lójú. Nígbà òtútù, New York fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn UTC, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: UTC-5. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n á ti aago síwájú ní wákàtí kan, yóò wá di UTC-4. Bí aago tiyín bá fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago 9 àárọ̀ New York nígbà òtútù jẹ́ aago 3 ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, aago 5 ìrọ̀lẹ́ wọn sì jẹ́ aago 11 alẹ́. Ìyẹn ni pé inú àlàfo aago 3 sí aago 11 ni ẹ ti máa yọ wákàtí mẹ́rin yín. Ẹni tó wà níbi tí aago fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú UTC kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Aago 10 alẹ́ ni aago 9 àárọ̀ wọn máa bá a, aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa ṣíwọ́. Ọjọ́ Ẹtì àwọn ọ̀gá rẹ̀ á ti wọnú Sátidé rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́yìn yọ. Ká sọ pé oṣù Kínní lẹ gba iṣẹ́ náà, ẹ sì ní iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀sán. Ẹ ti ṣètò rẹ̀ pé láti aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ sí 10:30 alẹ́ ni ẹ óò máa ṣe tiwọn. Ó bọ́ sínú àlàfo aago 3 sí 11 dáadáa, kò sẹ́ni tó bá yín wí. Lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà á ti aago wọn síwájú. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àlàfo yín ti di aago 2 ọ̀sán sí 10 alẹ́, láìjẹ́ pé aago ilé yín yí padà. Ìlàjì wákàtí tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yín ti bọ́ síta. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti lọ, ìbéèrè tí ẹ bi ní 10:05 kò ní rí ìdáhùn títí di ọjọ́ kejì, ọ̀gá sì lè máa rò pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ní ọdún 2026, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ni ìyípadà yẹn bọ́ sí, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá sì ni wọn yóò dá a padà, nítorí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é. Bí aago ibi tí ẹ wà kì í bá yí padà, ìgbà méjì lọ́dún ni ètò yín máa yẹ̀. Àwọn tó wà ní Yúróòpù náà ní tiwọn. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta ni aago tiwọn máa ń yí, kò bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ni ìpàdé fi máa ń fi wákàtí kan yẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó padà sípò.

Àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe aago náà tún ní ẹ̀tàn tiwọn. EST, bí a bá fẹ́ fi òfin mú un, aago ìgbà òtútù nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé àwọn ènìyàn ń kọ EST láàárín oṣù Keje, nígbà tó jẹ́ EDT, aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni New York ń lò. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni aago New York bó ṣe wà lọ́jọ́ náà. CST tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí ó lè jẹ́ aago àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó sì lè jẹ́ aago Ṣáínà, àwọn méjèèjì sì fi wákàtí 14 jìnnà síra wọn nígbà òtútù. IST lè jẹ́ ti Íńdíà, ti Ísírẹ́lì tàbí ti Áyálándì. Ẹ má fi orí ro ó. Ẹ bi wọ́n pé aago ìlú wo ni, nítorí orúkọ ìlú kì í sábà ní ìtumọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò Google Calendar yín, níbi tí wọ́n ti ń yan aago, kí ẹ fi aago ìlú náà kún tiyín. Aago méjèèjì á máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì máa bá yín yí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òtútù fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìkéde kì í sọ. Kí ni ẹ óò máa ṣe nínú wákàtí ìjọwà yẹn? Ní ilé iṣẹ́ kan, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí yín, kí ẹ dáhùn láàárín wákàtí kan. Ní òmíràn, ìpàdé ni wọ́n fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò sì ní rí àyè ṣe iṣẹ́ gan-an, ẹ óò wá máa ṣe é lóru. Nínú iṣẹ́ ìdáhùn ímeèlì bí èyí, ẹ béèrè bí ìdáhùn ṣe gbọ́dọ̀ yá tó àti iye ìpàdé tó wà lọ́sẹ̀.

Ó kan ìlà irinṣẹ́. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ máa ń kà á bí ẹni pé ìdánwò ni, wọ́n á máa rò pé bí àwọn kò bá mọ Zendesk, àwọn kò yẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Slack jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Zendesk jẹ́ ibi tí lẹ́tà àwọn oníbàárà ti ń wọlé tí ẹ ó sì ti máa dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti lo ímeèlì dáadáa á mọ ọ̀nà nínú wọn láìpẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ń san owó wọn, wọ́n á fi ìpè ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ẹ óò sì wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ara yín ra irinṣẹ́ iṣẹ́, ẹ dúró ná.

Hubstaff ló yẹ kó gba ojú yín. Irú ètò báyìí ni wọ́n fi ń ka wákàtí. Ẹ óò fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì tẹ̀ ẹ́ kó dúró bí ẹ bá ń lọ. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa wọn bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì àti bí ẹ ṣe ń yí máòsì, yóò wá sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà á rí ìwọ̀n tó ga. Ẹni tó ń ka ẹ̀sùn oníbàárà tó gùn, tó ń ronú ohun tí yóò sọ, kò tẹ nǹkan kan, ìwọ̀n rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí iṣẹ́ le jù. Bí ẹ bá sì jókòó pẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan, ètò náà lè bi yín bóyá kó ka àkókò yẹn mọ́ iṣẹ́ tàbí kó yọ ọ́. Mi ò sọ pé irinṣẹ́ yìí burú. Ó tilẹ̀ máa ń gbèjà òṣìṣẹ́ bí ọ̀gá bá fẹ́ jiyàn iye wákàtí. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé wákàtí wo ni wọ́n ń sanwó fún: èyí tí ẹ fi jókòó ti iṣẹ́, tàbí èyí tí ètò náà rí? Ṣé ìpàdé wà nínú rẹ̀? Ṣé àkókò tí ẹ fi ń ka nǹkan wà nínú rẹ̀? Ṣé ìwọ̀n kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá lọ sábẹ́ rẹ̀, wọn kò ní sanwó? Ẹ tún rántí pé fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tó jẹ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ àṣírí. Bí ojú ìwé báńkì yín bá wà ní ṣíṣí, yóò bá wọn lọ. Ó dára kí ẹ dá orúkọ ìwọlé mìíràn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín fún iṣẹ́ nìkan.

Ibi irinṣẹ́ yìí náà ni àwọn jìbìtì ti máa ń wọlé. Ètò gidi máa ń wà lórí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ lè tẹ orúkọ rẹ̀ fúnra yín kí ẹ débẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín lórí Telegram tàbí WhatsApp, tó ní kí ẹ ṣí i torí pé òun ni ètò ìkawákàtí tàbí iṣẹ́ ìdánwò, ẹ má ṣí i. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìlà owó ló kù. Ọ̀rọ̀ tó kéré jù nínú rẹ̀, Net 30, ló wúwo jù. Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ tí ẹ fi ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé tí ẹ fi béèrè owó iṣẹ́ yín, sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san án. Ẹ jẹ́ ká fi kàlẹ́ńdà wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ínfọ́ìsì jẹ́ ti oṣooṣù, nítorí náà ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lẹ óò tó kọ àkọ́kọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Owó tó bá ti òkèèrè gba ọ̀nà báńkì wá lè tún lo ọjọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Wákàtí tí ẹ ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọgọ́ta ọjọ́ ló máa gbà kí ẹ tó rí owó rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn ẹ ò dúró, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ bá máa dé, ẹ ti ṣe ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, wákàtí 160 ó kéré tán, ìyẹn dọ́là 1,920 tí wọ́n jẹ yín. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé tàbí tí ọ̀gá ò bá gbé ìpè mọ́, ohun tó máa bá a lọ nìyẹn. Pẹ̀lú ẹni tí a kò tíì bá ṣiṣẹ́ rí, gbèsè yẹn ti pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹ lè ní kí wọ́n máa san ọ̀sẹ̀ méjìméjì fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kí ó tó di ti oṣooṣù. Ọ̀gá tó ní owó lọ́wọ́ kì í bá ìbéèrè yẹn jà.

Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti owó tó dé kì í sábà dọ́gba. Bí báńkì kan bá ń fi owó ránṣẹ́ sí òkèèrè, a máa ń béèrè ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ìdáhùn. OUR ni pé afowóránṣẹ́ ló san gbogbo rẹ̀, SHA ni pé ẹ̀yin méjèèjì pín in, BEN ni pé ẹ̀yin agbowó ni ẹ san án. Bí báńkì mìíràn bá wà láàárín méjèèjì, òun náà lè yọ tirẹ̀ nínú owó kó tó dé. Lẹ́yìn èyí, bí àkáǹtì yín kì í bá ṣe ti dọ́là, báńkì yín á ṣẹ́ ẹ sí owó ibi tí ẹ wà ní iye tó bá wù ú, iye yẹn sì máa ń rẹlẹ̀ sí èyí tí ẹ rí nígbà tí ẹ wò ó lórí ayélujára.

Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí 80, ínfọ́ìsì dọ́là 960. Ká ní àwọn báńkì yọ dọ́là 20 lójú ọ̀nà, ó ku 940. Ká tún ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọnù nígbà ìṣẹ́wó, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 28, ó ku 912. Ní ti irinṣẹ́, ká sọ pé ìlàjì wákàtí lójúmọ́ ni ẹ ń lò fún ìjíròrò tí ètò ìkawákàtí kò kà. Láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn, nítorí náà wákàtí 90 lẹ ṣe lóòótọ́. Bí a bá fi 90 pín 912, dọ́là mẹ́wàá àti sẹ́ńtì díẹ̀ ló kàn wákàtí kan. Dọ́là 12 inú ìkéde ti di 10, láìsí ẹni tó parọ́ fún yín. Ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tó ní òun á san dọ́là 11, tó ń sanwó lọ́sẹ̀ méjìméjì, tó ru owó ìfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ka ìpàdé mọ́ iṣẹ́, lè sàn jù ú lọ.

Tí wọ́n bá kọ PayPal, Payoneer tàbí Wise dípò báńkì, ìṣirò kan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé orílẹ̀-èdè yín lè gba owó wọlé nípasẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹ lè fi ránṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbà. Tí ó bá jẹ́ owó orí ẹ̀rọ bíi USDC, ẹ fi ẹnu kò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọn yóò gbà fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò. Owó tó bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àpò owó orí ẹ̀rọ yín kò lò lè má ṣeé gbà padà.

Sọ̀wédowó nìkan ni mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ kankan, tó ní kí ẹ fi í ra kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ẹnì kan, kí ẹ sì dá ìyókù padà, jìbìtì gidi ni. Báńkì lè jẹ́ kí ẹ rí owó náà nínú àkáǹtì láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn pé ayédèrú ni. Nígbà yẹn, ẹ ti fi owó ara yín ránṣẹ́, báńkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó náà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ń dá ìkéde bí èyí lóhùn, ẹ kò nílò láti kọ ìwé gígùn. Irú nǹkan báyìí ti tó:

> Ẹ kú iṣẹ́. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo fẹ́ mọ nǹkan díẹ̀. Ṣé aago New York ni 9–5 náà, ṣé yóò sì máa yí pẹ̀lú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yín? Láàárín wákàtí mẹ́rin ìjọwà, ìpàdé mélòó ló wà lọ́sẹ̀? Ṣé ìpàdé àti kíka ìwé wà lára wákàtí tí Hubstaff kà fún owó? Ṣé a lè máa san owó lọ́sẹ̀ méjìméjì fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ta ni yóò sì ru owó ìfiránṣẹ́ báńkì?

Ìdáhùn wọn á fi ibi tí iṣẹ́ náà dúró hàn. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á dá wọn lóhùn ní ìlà márùn-ún, nítorí ó ti ní òṣìṣẹ́ mìíràn tó bi í rí. Bí wọ́n bá sọ pé a óò jíròrò rẹ̀ tó bá yá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bínú pé owó lẹ fi ń ṣáájú, ẹ ti mọ bí wọn yóò ṣe hùwà lọ́jọ́ tí ínfọ́ìsì yín bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò sì sí owó.